Ilẹ̀ Gbówó Lórí, Àmọ́ Kì Í Ṣe Èrè Ọdún

Ká ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ra ilẹ̀ sí Ìkẹjà ní mílíọ̀nù 40 náírà, ó sì fi mílíọ̀nù 60 kọ́ ilé sórí rẹ̀. Wọ́n ṣírò pé ilé náà á lo 50 ọdún, torí náà wọ́n ń yọ mílíọ̀nù 1.2 lára iye rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ ní tiẹ̀ kì í gbó. Lẹ́yìn ọdún 10, ìwé wọn ní ilé ku mílíọ̀nù 48, ilẹ̀ sì wà ní 40 síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà mọ̀ pé iye yẹn ti jìnnà sí òtítọ́.

Ìlànà ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 16 gbà wọ́n láàyè láti kọ iye tí nǹkan tó lónìí. Wọ́n pe adíyelé tó ní ìwé-ẹ̀rí, ó ní ilẹ̀ tó mílíọ̀nù 150, ilé tó 80. Bí ilẹ̀ wọn bá ju ẹyọ kan lọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ díye lé. Wọn ò lè ṣa èyí tó gbówó lórí nìkan.

Ilẹ̀ wá fi mílíọ̀nù 110 lé, ilé fi 32 lé. Níbo ni wọ́n á kọ ọ́ sí? Wọn ò ní kọ ọ́ mọ́ èrè ọdún, nítorí wọn ò ta nǹkan kan, owó kankan ò sì wọlé. Ìsàlẹ̀ èrè ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, níbi tí irú àlékún bẹ́ẹ̀ máa ń wà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí tó ṣeé ṣe kó kàn án lọ́jọ́ iwájú. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ inú ohun ìní àwọn onílé-iṣẹ́, tó ń jókòó sí ìlà tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìpín àti èrè tí wọ́n ti kó jọ. Wọn ò lè pín in fún àwọn onípìn-ín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìgbà tí iye bá já. Bí ilẹ̀ yẹn bá já sí mílíọ̀nù 30, àdánù 120 nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi 110 tí ilẹ̀ náà ní tẹ́lẹ̀ dí i, mílíọ̀nù 10 tó kù á sì bọ́ sórí èrè ọdún yẹn. Mílíọ̀nù 32 ti ilé ò lè gbà á sílẹ̀, torí nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ẹrù tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún gbówó lórí lẹ́yìn náà, mílíọ̀nù 10 yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ dá padà sínú èrè.

Ká ní wọ́n ta ilẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 150 gẹ́lẹ́ ńkọ́? Èrè títà ò ní hàn rárá lọ́dún náà. Mílíọ̀nù 110 kàn máa ṣí kúrò ní ìlà rẹ̀ lọ sínú èrè àkójọ ni, láì gba inú èrè ọdún kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìpín nílé-iṣẹ́, bẹ́ ẹ bá rí i pé ohun ìní wọn fò sókè lọ́dún kan, ẹ wo ìlà yìí kẹ́ ẹ tó béèrè owó ìpín.