Ohun Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Agolo Ọ̀dà

Bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà, àwọ̀ la máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọlọ́dà á na páálí àwọ̀ sí wa, a ó tọ́ka sí èyí tó wù wá, a ó sanwó. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ ló ń mú kí ọ̀dà bó lára ògiri kí òjò ọdún kan tó tán. Irú ọ̀dà tí a kùn sí irú ògiri tí kò yẹ ẹ́ ni, ẹ̀yìn agolo la sì ti lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá níbẹ̀ ni ibi tí wọ́n kọ ohun tí a ó fi lú ọ̀dà náà sí. Bó bá jẹ́ omi, ẹmọ́ṣọ̀n ni tàbí tẹ́sìkóòtù. Bó bá jẹ́ tápántáìnì, ọ̀dà elépo ni, èyí tí à ń pè ní gúlọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀ ni ìyókù ti ń yé èèyàn.

Ẹmọ́ṣọ̀n kì í dí ògiri pa. Omi tó bá wà nínú sìmẹ́ńtì ṣì lè máa rọra gba inú rẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tó fi bá yàrá, pálọ̀ àti àjà mu. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá ti inú ilé ni wọ́n kọ sí i tàbí ti ìta. Bí a bá kun ti inú ilé síta, oòrùn á jẹ ohun tó so ọ̀dà pọ̀. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ni yóò bá ọwọ́ yín jáde.

Gúlọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ máa ń dí ògiri pa. Ó ń dán, ó ṣeé fi omi ọṣẹ nù, òun ló sì yẹ ilé ìdáná, ilẹ̀kùn, irin ojú fèrèsé, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ayálégbé tí wọ́n máa ń kùn ún dé ìbàdí nítorí ìdọ̀tí ọwọ́. Ibi tó ti ń báni jà ni ara ògiri tó ṣì tutù. Omi tí kò rọ́nà jáde á ti ọ̀dà síwájú, á wú, á sì bó. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé èròjà inú sìmẹ́ńtì tuntun máa ń sọ epo inú ọ̀dà di ọṣẹ ní ti gidi, ọ̀dà á wá máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ fún ògiri tuntun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò òjò.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn kan, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tíì kun gúlọ́ọ̀sì síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí akunlé fi kẹrosíìnì rọ́pò tápántáìnì. Ọ̀dà náà á pẹ́ kó tó gbẹ, kò sì ní dán bó ṣe yẹ.

Tẹ́sìkóòtù nípọn, ó sì ní hóró nínú. Ó ń bo ògiri ìta tí kò gún láṣìírí, ó sì ń gbà òjò dúró dáadáa. Nínú yàrá, èmi ò fọwọ́ sí i: ó ń họ ara, eruku ọyẹ́ ń wọ inú rẹ̀, kíkọ́ rẹ̀ kúrò sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá.

Ẹ̀yìn agolo náà ni wọ́n ń kọ bí ojú ògiri tí lítà kan lè kùn ṣe fẹ̀ tó sí. Ẹ jẹ́ ká wo yàrá kan tí ògiri kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3.6, tó sì ga ní mítà 3. Ìlọ́po 3.6 àti 3 jẹ́ 10.8, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ nǹkan bíi 43. Bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku bíi mítà onígun mẹ́rin 40. Bí agolo ẹmọ́ṣọ̀n bá sọ pé 10 ni lítà kan ń kùn, lítà 4 la nílò fún ẹ̀ẹ̀kan, lítà 8 fún ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn agolo onílítà mẹ́rin méjì. Ògiri tí ọ̀dà kò kàn rí á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ojú ògiri tó dán ni wọ́n fi ṣe ìṣirò tó wà lára agolo. Tẹ́sìkóòtù kò sún mọ́ iye yẹn rárá: lítà rẹ̀ kan lè má ju mítà onígun mẹ́rin kan sí méjì lọ. Ẹni tó bá fi ìṣirò ẹmọ́ṣọ̀n ra á yóò dá iṣẹ́ dúró ní ìlàjì.

Tí ẹ bá ń ra ju agolo kan lọ, ẹ wo nọ́ńbà ìpín tí wọ́n tẹ̀ sí ìdérí tàbí ìdí agolo kó jẹ́ ọ̀kan náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí akunlé da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú rọ́bà ńlá kó sì rò ó kó tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìyàtọ̀ díẹ̀ tí kò hàn nínú agolo á hàn kedere níbi tí ọ̀dà méjì bá ti pàdé lára ògiri.