Kòkó Láti Ìbàdàn Dé Àpápá: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Èéfín Ìrìn Àjò Ẹrù

Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 lè gba nǹkan bí àpò kòkó 250. Bí àpò kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 64, tọ́ọ̀nù 16 ni gbogbo rẹ̀. Ká ní oníṣòwò kan ní Ìbàdàn fẹ́ gbé e lọ sí èbúté Àpápá, àwọn tó fẹ́ rà á nílẹ̀ Yúróòpù sì ní kó sọ iye èéfín kábọ́nì tí ìrìn náà tú sí afẹ́fẹ́. Níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò?

Ìdí táńkì epo ni. Lítà epo dísù kan tó bá jó nínú ẹ́ńjìnnì máa ń tú nǹkan bíi kílò 2.68 èéfín kábọ́nì jáde, ì báà jẹ́ nínú tírélà tuntun tàbí ògbólógbòó. Iye lítà tí ọkọ̀ ń mu ló ń yàtọ̀. Ká gbà pé ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 140, pé tírélà tó ru tọ́ọ̀nù 16 ń mu lítà 40 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, àti pé òfìfo rẹ̀ ń mu 25. Ní àlọ, lítà 56 ló jó, èyí tó jẹ́ kílò 150 èéfín.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá ìṣirò dúró, àṣìṣe sì ni. Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó mọ̀ pé owó ìpadà awakọ̀ wà nínú owó tí òun san. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín rí. Ìlànà àgbáyé lórí ìṣirò yìí, ISO 14083, tó jáde ní 2023, ní ká ka ìrìn òfìfo mọ́ ẹrù lọ́rùn. Bí tírélà bá padà ní òfìfo, lítà 35 tún wọlé, àpapọ̀ di 91, èéfín sì di kílò 244.

Ìlà ọkọ̀ lẹ́nu èbúté náà ní tirẹ̀. Tírélà tó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lójú kan lè mu lítà méjì sí mẹ́ta ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fi jíjìn ọ̀nà nìkan ṣírò kò ní rí epo yìí rárá. Ìwé epo ni yóò fi í hàn. Ṣùgbọ́n ìwé epo náà fẹ́ àyẹ̀wò: bí lítà inú rẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí ọ̀nà àti ìdúró lè jó lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fa epo tà, epo tí wọ́n fà tà kò sì jó lórí ẹrù yìí.

Kí ló wá lè dín 244 yìí kù? Àkọ́kọ́ ni kíkó ẹrù pọ̀. Bí oníṣòwò méjì bá gba tírélà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, epo kò ní pín sí méjì, torí pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wúwo. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá mu lítà 32.5 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní àlọ, tí ó sì padà ní òfìfo, àwọn méjèèjì yóò jó lítà 161, èéfín yóò sì jẹ́ kílò 431. Àmọ́ dídúró de ẹrù ẹlòmíràn ń gba ọjọ́, kòkó tí kò gbẹ dáadáa sì lè bu nínú ilé ìtọ́jú.

Ìkejì ni kí ọkọ̀ má rìn ní òfìfo. Ọ̀pọ̀ tírélà ló ń gbé ọjà òkèèrè láti Àpápá wá sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń dá kọ̀ǹténà òfìfo padà. Bí kòkó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹrù àlọ àti ẹrù àbọ̀ á jọ pín epo, tí kòkó á sì padà sí kílò 150. Kọ̀ǹténà náà gbọ́dọ̀ mọ́, kó má rùn, kó má sì jò, torí kòkó a máa fa òórùn mọ́ra.

Ìkẹta ni ọkọ̀ ojú irin. Láti 2021 ni ojú irin tuntun kìlómítà 157 ti ń ṣiṣẹ́ láàárín Èkó àti Móníyà ní Ìbàdàn, ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ èbúté Àpápá. Dísù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n irin lórí irin kì í fi bẹ́ẹ̀ gba agbára bíi táyà lórí ọ̀dà. Bí a bá fi gíráàmù 30 ṣírò fún tọ́ọ̀nù kan lórí kìlómítà kan, èéfín kòkó wa yóò jẹ́ kílò 75. Ẹ má gbàgbé tírélà tó gbé e dé Móníyà: kìlómítà 15 ní àlọ àti àbọ̀ yóò fi nǹkan bí 26 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 101, láìtíì ka ẹ̀rọ tó gbé kọ̀ǹténà sókè sódò.

Gíráàmù 30 yẹn dúró lórí pé ọkọ̀ ojú irin kún. Bí wágọ́nù bá ń lọ ní ìlàjì, ó lè fò sókè gan-an. Bí ilé ìtọ́jú kòkó bá sì jìnnà sí Móníyà, ìrìn tírélà náà á jẹ nínú èrè. Gbogbo iye tí mo kọ yìí jẹ́ ti ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì nìkan. Fífọ epo àti gbígbé e wá sí ilé epo tún ń fi nǹkan bí ìdá márùn-ún kún un. Nítorí náà, oníṣòwò tó bá gba ìṣirò lọ́wọ́ onímọ́tò kó béèrè bóyá àbọ̀ wà nínú rẹ̀, bóyá ìwé epo ni wọ́n lò tàbí jíjìn ọ̀nà, àti bí ọkọ̀ ṣe kún tó. Láìsí ìdáhùn mẹ́ta yìí, kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn.