Bí Etí Aṣọ Ṣe Ń Gún Lórí Òfì Oníférémù

Nínú àwa tí a ń hun tápẹ́sírì fún iṣẹ́ sẹ̀mẹ́sítà, etí méjèèjì ni wàhálà ti ń pọ̀ jù. Aṣọ á bẹ̀rẹ̀ ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20. Kó tó dé àárín, á ti fún wọlé di 17, bí ẹni pé wọ́n so ìgbànú mọ́ ọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gún lára ògiri, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Òfì tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń lò ní ohun èlò kan tó dàbí òòyà, tó ń ya òwú ìta sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa sún mọ́ra. Férémù kékeré kò ní irú rẹ̀. Ọwọ́ ahunṣọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ etí.

Férémù tí káfíńtà kàn fún mi ní Ẹ̀jìgbò ní ìṣó 21 nísàlẹ̀ àti 20 lókè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tòkè dojú kọ àlàfo tó wà láàárín ìṣó méjì ìsàlẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan ló wà láàárín ìṣó sí ìṣó, àádọ́ta láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìta 40 ni yóò jáde níbẹ̀. Ogójì lọ́nà 50 jẹ́ mítà 20, nítorí náà mo máa ń gé mítà 22. Òwú kótìnù tí wọ́n lọ́ dáadáa ni kí ẹ lò. Òwú tó bá ń nà yóò dẹ̀ bí ẹ ti ń hun.

Ẹ so ó mọ́ ìṣó àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, ẹ gbé e yí ti òkè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí èkejì, títí dé òpin. Ẹ má fà á le lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ padà síbi àkọ́kọ́, ẹ máa fi ìka fa ìdẹ̀ rẹ̀ lọ láti ìta kan sí èkejì, kí ẹ tó so ìdí rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀: èyí tó bá rì ju ìyókù lọ ló ṣì dẹ̀.

Ohun tó ń fa etí wọlé ni pé òwú ìhun ń gba orí ìta kan, ó ń gba abẹ́ èkejì, nítorí náà ọ̀nà rẹ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ gbọọrọ, etí ni yóò ti fa èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kó kan ìta tó kẹ́yìn láìfà á, kí ẹ sì tẹ́ ẹ bí òkè kékeré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ kó di òkè méjì, ẹ tún tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi fọ́ọ̀kì gbá a wálẹ̀.

Ẹ máa fi rúlà wọn fífẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà 2 kọ̀ọ̀kan. Bí ìta etí bá sún mọ́ra ju ti àárín lọ, òkè yín kéré. Bí àárín bá ń wú, ó ti pọ̀ jù. Bí òwú bá yọ bí yẹtí létí, ẹ kò jẹ́ kó kan ìta dáadáa. Nígbà tí rúlà bá ti sọ 19.5, ẹ tú u dé ibi tó ti wà ní 20. Fífà á síta kò lè tún un ṣe, torí òwú tó kúrú ti há sáàárín.