Ta Ló Ni Owó Tó Lé?

Gbólóhùn kan wà tí onílẹ̀ máa ń sọ fún ajẹ́ńtì lórí ìdúró tàbí lórí fóònù, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Mílíọ̀nù mẹ́rin ni kó o gbé wá fún mi. Fi tìẹ lé e." Onílẹ̀ mìíràn á ní, "Mílíọ̀nù mẹ́rin ni mo fẹ́ tà á," á sì dákẹ́ síbẹ̀. Létí ẹni tí kì í ṣe òwò ilẹ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Àmọ́ bí ilẹ̀ náà bá wá lọ ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré yẹn, "fi tìẹ lé e", ló máa sọ ẹni tó ni owó tó lé.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Plọ́ọ̀tì kan ni, lápá Mówé, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé Ìbàdàn, ló ni ín. Ó sọ fún ajẹ́ńtì pé mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lòun fẹ́ tà á, àti pé òun á yọ náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún un bó bá tà á. Ajẹ́ńtì rí ẹni tó ń kánjú kọ́lé, ó tà á fún un ní ₦5,200,000, ó sì gba owó náà sínú àkáǹtì ara rẹ̀. Ó wá lọ bá ìyá náà n'Íbàdàn: "Màmá, a ti tà á o, mílíọ̀nù mẹ́rin bí ẹ ṣe wí." Ó yọ ₦400,000 tirẹ̀, ó ka ₦3,600,000 lé e lọ́wọ́. Ìyá ṣàdúrà fún un títí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó ra ilẹ̀ gbé ìwé wá kó lè fọwọ́ sí i, iye tí ìyá rí nínú ìwé sì ni ₦5,200,000.

Bí wọ́n bá pe ajẹ́ńtì yìí, mo mọ ohun tó máa sọ: "Ṣebí iye tí Màmá ní àwọn fẹ́ ni mo gbé wá?" Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Iye tí ìyá dá, òun ni ìsàlẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ tà á kọjá. Kò sọ pé òun ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ìyá ni ajẹ́ńtì fi ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó ń rà, ilẹ̀ ìyá sì ni ẹni náà tìtorí rẹ̀ san gbogbo ₦5,200,000. Nítorí náà ti ìyá ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó kan ajẹ́ńtì ni mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilẹ̀ lọ gan-an, ìyẹn ₦520,000. Ẹ ò rí i pé òun náà jèrè títa tó tà á dáadáa: ó fi ₦120,000 ju ohun tí ì bá gbà lórí mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. ₦4,680,000 ló yẹ kó dé ọwọ́ ìyá. Bí a bá yọ ₦3,600,000 tó ti gbà kúrò, ajẹ́ńtì ṣì jẹ ẹ́ ní ₦1,080,000.

Ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin aṣojú tí à ń lò ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti bá a, ẹjọ́ àtijọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí, ẹjọ́ Andrews àti Ramsay ní 1903. Àwọn ajẹ́ńtì náà bá oníǹkan ta dúkìá rẹ̀, wọ́n gba 50 pọ́ùn tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, wọ́n tún gba 20 pọ́ùn lọ́wọ́ ẹni tó rà á, láìjẹ́ kí oníǹkan mọ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n kó 20 pọ́ùn náà sílẹ̀, ó sì tún ní kí wọ́n dá 50 pọ́ùn padà, nítorí ẹni tó jẹ owó abẹ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ náà mọ́. Bí adájọ́ bá gba ọ̀nà yẹn lórí ilẹ̀ Mówé yìí, ₦1,600,000 tó wà lọ́wọ́ ajẹ́ńtì ni yóò kó sílẹ̀ pátá.

Ọ̀tọ̀ ni ti "fi tìẹ lé e". Àdéhùn gidi nìyẹn, ó sì ti pẹ́ nínú ọjà wa. Bí alágbàtà ṣe ń ṣe nìyí: olówó aṣọ á dá iye tó ń fẹ́, alágbàtà á tà á bó ṣe lè tà á, èyí tó bá lé á di tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹ̀sìn. Ìmọ̀ràn Ibn Abbas tó wà nínú ìwé Bukhari fàyè gba kí ènìyàn ní kí wọ́n bá òun ta aṣọ, kí ẹni tó tà á mú ohun tó bá lé, ilé ẹ̀kọ́ Imaamu Ahmad sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù kò fọwọ́ sí i, nítorí pé owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ irú àdéhùn yìí ni ìyá bá ajẹ́ńtì ṣe, ₦1,200,000 tó lé jẹ́ ti ajẹ́ńtì, kò sì sí ohun tí ìyá lè bi í. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mẹ́rin ìyá gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá mú èyí tó lé, tó tún yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó gba owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àléébù àdéhùn yìí ni pé ilẹ̀ kì í dúró sójú kan bí aṣọ. Onílẹ̀ á dá mílíọ̀nù mẹ́rin ní oṣù kìíní, ìjọba á bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun lẹ́bàá ibẹ̀ ní oṣù kẹfà, nígbà tó bá máa fi di oṣù kọkànlá, mílíọ̀nù méje ni wọ́n ń ta tẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àdéhùn kò bá ní ọjọ́ tó máa parí, ajẹ́ńtì á jókòó dè é, mílíọ̀nù mẹ́ta onílẹ̀ á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni tó bá máa sọ "fi tìẹ lé e" kọ́kọ́ bi aládùúgbò ilẹ̀ náà méjì tàbí mẹ́ta léèrè iye tí wọ́n ń tà lọ́wọ́lọ́wọ́, kó sì má fún ajẹ́ńtì ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹni tó ń rà náà ò gbọdọ̀ sùn. Nígbà míì, ajẹ́ńtì mẹ́ta ló so kọ́ra wọn: èkíní gbọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́nu onílẹ̀, ó sọ mẹ́rin àbọ̀ fún èkejì, èkejì sọ márùn-ún fún ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta ló wá bá ẹ sọ ₦5,200,000. Wọn ò ní fẹ́ kó o fojú kan onílẹ̀. Bó o bá fojú kàn án, wọ́n á bẹ̀ ọ́ pé má dárúkọ owó. Wọ́n á ní kó o san án sí àkáǹtì àwọn, wọ́n á sì fẹ́ kí wọ́n kọ mílíọ̀nù mẹ́rin sínú ìwé. Ìyẹn ni kó o má gbà rárá. Bí ọmọ onílẹ̀ bá gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ lọ́la, tí o sì ní kí ẹni tó tà á dá owó padà, iye tó wà nínú ìwé ló máa mọ̀, á sì ṣòro kó o tó fi hàn pé o san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé pélébé kan ti tó láàárín onílẹ̀ àti ajẹ́ńtì. Bó bá jẹ́ ìdá ni ẹ fẹ́, ẹ kọ ọ́ pé: "Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n bá ta ilẹ̀ yìí gan-an ni owó ajẹ́ńtì, kò sí òmíràn." Bó bá jẹ́ èyí tó lé ni, ẹ kọ ọ́ pé: "Mílíọ̀nù mẹ́rin pípé ni ti onílẹ̀, èyí tó bá lé ni ti ajẹ́ńtì, kò sì ní gba ìdá kankan mọ́." Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sí i, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí onílẹ̀ sì rí i pé àkáǹtì òun ni wọ́n san owó ilẹ̀ sí.