Ohun Tó Ń Mú Mílíìkì Sóyà Ṣùpọ̀ Nínú Kọfí

Mílíìkì tí wọ́n máa ń mú ru kí wọ́n tó dà á sórí kọfí kò gbọdọ̀ hó rárá. Ìwọ̀n 60 sí 65 lórí tẹmómítà Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ẹni tó mọṣẹ́ ti ń gbé e kúrò. Inú fíríìjì ló ti ń mú mílíìkì náà wá, tútù nini, á sì bu ú dé ìdajì jọ́ọ̀gì onírin. Ẹnu páìpù ooru á kọ́kọ́ wà lábẹ́ ojú mílíìkì díẹ̀ báyìí, kó lè máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ara jọ́ọ̀gì bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á ti páìpù náà wọlé sí i, kí afẹ́fẹ́ tuntun má wọlé mọ́, kí mílíìkì máa yí po, kí ìfòfó ńláńlá fọ́ di wẹ́wẹ́. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ kò bá lè dúró lára jọ́ọ̀gì mọ́, á ti ooru pa lójú ẹsẹ̀, nítorí gbígbóná rẹ̀ ṣì máa lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ? Oríṣi purotéènì méjì pàtàkì ló wà nínú mílíìkì màlúù. Kasíìnì ló pọ̀ jù, iná kì í tètè ràn án. Ìkejì ni purotéènì inú omi wàrà, òun ni iná máa ń tètè bà jẹ́. Bí mílíìkì bá ti kọjá 70, èyí á tú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra. Èròjà ímí ọjọ́ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ á jáde, ìdí nìyẹn tí mílíìkì tó gbóná jù fi máa ń rùn bí ẹyin bíbọ̀. Ìfòfó rẹ̀ á gan, á sì tètè wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé e padà sínú fíríìjì, tí ẹ tún gbé e kaná, kò ní ru dáadáa mọ́.

Purotéènì yìí kan náà ló ń fa wàhálà nínú ìkòkò. Ìdí ìkòkò gbóná ju àárín lọ, ibẹ̀ ni ó ti ń tú, tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ṣúgà inú mílíìkì á wá bá a jóná níbẹ̀, á di dúdú. Iná kékeré àti ríròó léraléra ló ń dènà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì sóyà yàtọ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe wàrà sóyà tà nílẹ̀ wa. Wọ́n á se omi ẹ̀wà sóyà, wọ́n á sì da omíkan ògì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù sí i nígbà tó ṣì gbóná. Kíá, ó ti ṣùpọ̀, omi ti ya sọ́tọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife kọfí gan-an nìyẹn, torí pé kọfí náà kan. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, tí omi lásán wà ní 7, tí nǹkan sì ń kan sí i bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀, kọfí wà ní nǹkan bíi 5, mílíìkì sóyà sì sún mọ́ 7. Kí wọ́n tó pàdé, àwọn purotéènì sóyà máa ń ti ara wọn sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lẹ̀ pọ̀. Kíkan ló ń gba agbára yẹn lọ́wọ́ wọn, ooru sì ń mú kí wọ́n túbọ̀ máa kọlu ara wọn. Kálísíọ́ọ̀mù tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi kún un tún ń so wọ́n pọ̀. Ẹ̀kán kọfí nìkan lè má ṣe nǹkan kan bí ó bá tutù. Ooru nìkan kò lè ṣe é, torí pé wọ́n ti se sóyà náà tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì ló ń ṣe é.

Mílíìkì àlímọ́ńdì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti óòtì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, purotéènì rẹ̀ kéré. Àwọn mílíìkì óòtì tí wọ́n ṣe fún àwọn oníkọfí sábà máa ń ní èròjà fọ́síféètì nínú, tó ń rọ kíkan kọfí lójú. Irú èròjà yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ mílíìkì agolo tí a ń dà sí tíì pẹ̀lú, kí ó má baà ṣùpọ̀.

Ẹni tó bá da sóyà tútù sínú kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ń ṣe é lódìkejì. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bá wọlé ló máa pàdé gbogbo kíkan àti gbogbo ooru inú ife. Ẹ gbọn páálí mílíìkì náà dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó gbóná dé nǹkan bíi 55, kó má kọjá 60. Ẹ jẹ́ kí kọfí náà fẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mílíìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú ife, kí ẹ wá máa ro kọfí sí i díẹ̀díẹ̀. Báyìí, kíkan náà á máa pòórá sínú mílíìkì bó ṣe ń wọlé. Kọfí tí wọ́n yan dúdú dára ju èyí tí wọ́n yan fẹ́rẹ́ lọ, torí kò kan tó o.

Bó bá ṣùpọ̀ síbẹ̀, ẹ tọ́ mílíìkì inú páálí wò. Bí adùn rẹ̀ bá pé, tí kò kan, tí kò sì rùn, kọfí ló fa ìṣù náà, kò lè pa èèyàn lára. Bí ó bá ti ń kan nínú páálí fúnra rẹ̀, ẹ dà á nù.