Èrè Lórí Ìwé, Ọwọ́ Òfìfo

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ń po oúnjẹ adìyẹ. Lọ́dún tó kọjá, ó jèrè mílíọ̀nù 20 náírà. Lọ́dún yìí, èrè di mílíọ̀nù 30, wọ́n sì ti yọ owó orí àti èlé báńkì kúrò kó tó kù bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ ń retí tiwọn. Nígbà tó di ọjọ́ owó oṣù, mílíọ̀nù 3 ni wọ́n fẹ́ san, mílíọ̀nù 2 péré ló sì wà ní báńkì. Ẹnikẹ́ni kò jí owó, àkántáǹtì kò sì parọ́. Ìwé ìwọlé-ìjáde owó, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní káàṣì fúlóò, ló lè sọ ibi tí owó gbà.

Ìṣirò èrè kì í dúró de owó. Bí ọkọ̀ bá ti gbé oúnjẹ adìyẹ lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, àkántáǹtì ti kọ ọ́ pé ọjà ti tà, èrè orí rẹ̀ ti wọ ìwé nìyẹn, ì báà jẹ́ oṣù mẹ́ta sí i ni oníbàárà yóò tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo tí wọ́n fi owó gidi rà, tó ṣì wà nínú sítọ́ọ̀. Kò tíì dín èrè kù rárá, torí pé ọjọ́ tí wọ́n bá pò ó tí wọ́n sì tà á ni wọ́n tó máa ka owó rẹ̀ mọ́ ìnáwó. Òfin yìí kò burú o. Bí kò bá sí i ni, oṣù tí wọ́n ra àgbàdo ì bá máa dà bí oṣù àdánù, oṣù tí wọ́n gba gbèsè ì bá sì máa dà bí oṣù àlùbáríkà. Àmọ́ kò sí òṣìṣẹ́ tó ń gba èrè orí ìwé lọ sọ́jà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé ìwọlé-ìjáde owó pín sí: owó tó tinú òwò gan-an wá tàbí tó bá a lọ, owó tó lọ sórí ẹ̀rọ, ilé àti ilẹ̀, àti owó tí wọ́n yá, tí wọ́n san padà, tàbí tí wọ́n pín fún àwọn onípìn-ín. Apá kìíní ni kí ẹ jókòó tì. Èrè ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn yóò wá máa rò ó síwá sẹ́yìn títí yóò fi di owó.

Ẹ jẹ́ ká bá ará Ìbàdàn wa ṣe é. Èrè jẹ́ mílíọ̀nù 30. Kí wọ́n tó rí èrè yẹn, wọ́n ti yọ mílíọ̀nù 6 torí pé ẹ̀rọ ń gbó, ṣùgbọ́n wọn kò ka owó yẹn fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí, nítorí náà wọ́n dá a padà, ó di 36. Ó wá kan àwìn. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, àwọn olóko adìyẹ jẹ wọ́n ní mílíọ̀nù 25. Nígbà tí ọdún parí, ó ti di 60. Mílíọ̀nù 35 tó lé sí i yẹn wà nínú ọjà tí wọ́n kà sí títà, kò sì dé báńkì. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 36, ó ku mílíọ̀nù 1. Wọ́n tún ra àgbàdo pamọ́ nígbà ìkórè tó dínwó, ọjà inú sítọ́ọ̀ sì gbéra láti mílíọ̀nù 20 dé 38. Ẹ yọ 18 náà, ó ti di pé wọ́n fi mílíọ̀nù 17 wọ gbèsè. Ohun tó dín in kù ni pé àwọn náà ra ẹ̀wà sóyà láwìn: gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tó ń kó ọjà wá fún wọn kúrò ní mílíọ̀nù 5, ó di 12, mílíọ̀nù 7 sì dúró sí wọn lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó jèrè mílíọ̀nù 30 ti fi mílíọ̀nù 10 náwó ju ohun tó gbà lọ, a kò sì tíì dé orí ẹ̀rọ.

Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun ní mílíọ̀nù 15. Wọ́n yá mílíọ̀nù 25 ní báńkì, wọ́n sì san mílíọ̀nù 4 lára gbèsè àtijọ́. Mílíọ̀nù 6 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọdún ti di 2. Bí kò bá sí owó báńkì yẹn ni, wọn ì bá ti ti ilẹ̀kùn tipẹ́.

Ṣé ìdàgbàsókè ló fà á ni, àbí nǹkan ti ń jẹrà? Ẹ mú gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ, ẹ fi àpapọ̀ ọjà tí wọ́n tà lọ́dún pín in, kí ẹ sì fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye ọjọ́ tí owó fi ń pẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ni yóò yọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ta ọjà mílíọ̀nù 200, gbèsè jẹ́ 25, ọjọ́ náà sì tó nǹkan bí 46. Lọ́dún kejì, wọ́n ta 300, gbèsè di 60, ọjọ́ di 73. Bí ọjà nìkan ló pọ̀ sí i, tí àwọn oníbàárà ń san bí wọ́n ṣe ń san tẹ́lẹ̀, gbèsè kò bá má kọjá mílíọ̀nù 37 àbọ̀. Yálà àwọn olóko kò rówó san, tàbí àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ tajà ń fún gbogbo ẹni tó bá ti nawọ́ láwìn. Gbèsè tí kò bá sì wọlé mọ́, dandan ni kó padà wá jẹ èrè ọdún mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí W. T. Grant ní Amẹ́ríkà gan-an nìyí. Ilé ìtajà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1906 ni, ẹ̀ka rẹ̀ sì lé ní 1,000. Wọ́n ń fún oníbàárà láwìn bí ẹni ń pín omi, ẹlòmíràn sì lè san án díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù 36. Èrè ń wọ ìwé lọ́dọọdún, àwọn tó ń ra ìpín rẹ̀ lọ́dún 1973 sì ń san nǹkan bí ìlọ́po 20 èrè rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, ó wọ gbèsè tí kò lè san, ó sì lọ sí kóòtù. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, James Largay àti Clyde Stickney, ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1980, wọ́n rí i pé láàárín ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ìparun náà, òwò yẹn ń gbé owó mì ju bó ṣe ń mú un wá lọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún náà. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ ń gbé jáde nígbà yẹn ń ka gbèsè ọwọ́ oníbàárà àti ọjà inú sítọ́ọ̀ mọ́ ohun rere, bí ẹni pé owó ni wọ́n. Ọdún 1987 ni àwọn tó ń ṣòfin ìṣirò ní Amẹ́ríkà tó sọ ìwé ìwọlé-ìjáde owó di dandan.

Ìwé yìí náà ṣeé tún kùn o. Ọ̀gá tó fẹ́ kí owó pọ̀ lójú lè fa ọwọ́ sẹ́yìn, kó má san owó àwọn tó ń kó ọjà wá fún un títí ọdún yóò fi yí. Carillion, ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó wó ní Ìlú Ọba ní oṣù kìíní ọdún 2018, ní kí báńkì máa bá òun sanwó fún àwọn agbaṣẹ́ṣe abẹ́ rẹ̀, kò sì ka gbèsè báńkì yẹn mọ́ owó tó yá. Ìdí rèé tí ọdún kan ṣoṣo kò fi tó wò. Ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò lè náwó ju bó ṣe ń gbà lọ fún ọdún kan láìsí aburú, bí owó bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ ní ọjà ìpín Èkó, ìwé yìí wà nínú ìròyìn owó tí wọ́n ń gbé jáde. Ẹ to èrè ọdún mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ to owó tó tinú òwò wá ní ọdún mẹ́ta náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí èrè bá ń gòkè tí owó kò tẹ̀ lé e, ẹ dìde nínú ìpàdé ọdọọdún wọn, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló jẹ wọ́n, láti ìgbà wo sì ni.