Ìlà Ìbéèrè Onígun: Ìdí tí Iye Ọjà fi ń Dúró Lójú Kan Nígbà tí Ìnáwó bá Yí

Ní ọdún 1939, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé èrò kan náà jáde. Ní Amẹ́ríkà, Paul Sweezy kọ àpilẹ̀kọ ṣókí kan lórí ìbéèrè nínú ọjà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ díẹ̀ ló ń dárí rẹ̀. Ní Oxford, R. L. Hall àti C. J. Hitch fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníléeṣẹ́ 38 lẹ́nu wò nípa bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà wọn. Èsì tí wọ́n gbọ́ kò bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Ìwé ní kí oníléeṣẹ́ máa pèsè ọjà títí owó tí ẹyọ ìkẹyìn mú wọlé yóò fi bá owó tó ná an dọ́gba. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ kí iye máa yí nígbàkigbà tí ìnáwó bá yí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè ní àwọn kì í tètè fọwọ́ kan iye, nítorí àwọn kò lè dá ohun tí àwọn abánidíje yóò ṣe mọ̀ kúrò nínú ìṣirò àwọn.

Inú ohun tí oníléeṣẹ́ gbà gbọ́ nípa àwọn abánidíje rẹ̀ ni igun tí à ń sọ yìí ti wá. Ó gbà pé bí òun bá dín iye kù, wọn yóò dín tiwọn náà kù kí oníbàárà má baà fi wọ́n sílẹ̀. Ó sì tún gbà pé bí òun bá fi kún iye, wọn yóò dákẹ́, wọn yóò sì máa kó àwọn oníbàárà tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ òun. Ìdínkù kò ní fa oníbàárà púpọ̀ wá, àfikún yóò sì lé ọ̀pọ̀ lọ. Nítorí náà, ìlà ìbéèrè tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lókè iye tó wà nílẹ̀, ó sì dà wálẹ̀ ṣòòròṣò lábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé ni igun.

Ẹ jẹ́ kí a fi iléeṣẹ́ ọṣẹ kan tí a fi ọkàn yàwòrán ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ta páálí ọṣẹ 40 lójúmọ́, ní 10,000 náírà fún páálí kan. Bó bá fẹ́ gbé iye sókè, ìlà tí yóò tẹ̀ lé ni P = 12,000 − 50Q; bó bá fẹ́ dín in kù, P = 18,000 − 200Q ni, níbi tí P ti dúró fún iye, tí Q sì dúró fún iye páálí. Ìlà méjèèjì pàdé ní páálí 40. Owó tó ń wọlé báyìí jẹ́ 400,000 náírà.

Ká ní oníléeṣẹ́ fẹ́ ta páálí 41. Ó di dandan kí ó dín iye gbogbo wọn kù sí 9,800 náírà. Owó tí yóò wọlé yóò di 401,800. Páálí kan tó fi kún un yìí kò mú ju 1,800 náírà wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 9,800 ni oníbàárà san lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn 40 yòókù pàdánù 200 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká wá ní ó fẹ́ dín ọjà kù sí 39 kí iye lè gòkè. 10,050 náírà péré ni iye yóò dé, owó tó wọlé yóò sì di 391,950. Páálí kan tó fi sílẹ̀ gba 8,050 náírà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárín iye méjèèjì yìí ni àlàfo wà. Bí ìlà bá ń lọ láìsí gígé sí ẹyọ, etí rẹ̀ òkè yóò jẹ́ 8,000, ti ìsàlẹ̀ yóò sì jẹ́ 2,000. Owó-wọlé àfikún já lulẹ̀ láti ìkíní sí ìkejì lójú páálí 40 gan-an, láìdúró sí agbedeméjì. Bí ìnáwó àfikún, ìyẹn owó tí páálí kan sí i yóò ná iléeṣẹ́, bá wà láàárín 2,000 sí 8,000 náírà, kò sí páálí kejì tó dára ju 40 lọ, kò sì sí iye tó dára ju 10,000 lọ.

Ká gbà pé 5,000 náírà ni ìnáwó àfikún tẹ́lẹ̀. Láìka ìnáwó tí kì í yí mọ́ ọn, èrè ojúmọ́ jẹ́ 200,000. Epo tí iléeṣẹ́ náà fi ń ṣe ọṣẹ wá wọ́n, ìnáwó sì di 7,000. Èrè já sí 120,000, ó sì dun oníléeṣẹ́. Bó bá gbé iye dé 10,500, páálí 30 ni yóò tà, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ 105,000. Bó bá dín in sí 9,000, yóò ta 45, èrè yóò jẹ́ 90,000. Kò sí èyí tó san ju kí ó jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣìnà níbí: wọ́n rò pé ìdúró iye túmọ̀ sí pé ìnáwó kò kan oníléeṣẹ́. Ó kàn án gidi. Inú èrè rẹ̀ ni gbogbo àfikún náà bọ́ sí, kò sì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ìgbà tí ìnáwó bá ré etí òkè kọjá, bí àpẹẹrẹ tó bá di 9,000, ni iye tó yí: 10,000 yóò fún un ní èrè 40,000, ṣùgbọ́n 10,500 yóò fún un ní 45,000.

Bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì. Bí a bá fi e pe ìwọ̀n tí ìbéèrè fi ń fèsì sí iye, owó-wọlé àfikún jẹ́ P(1 − 1/e). Nínú àpẹẹrẹ wa, e jẹ́ 5 lókè igun, ó sì jẹ́ 1.25 nísàlẹ̀, èyí ló bí 8,000 àti 2,000. Bí àwọn abánidíje bá ń fèsì bákan náà sí àfikún àti ìdínkù, nọ́ńbà méjèèjì yóò di ọ̀kan, àlàfo yóò sì pa dé.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni àìlera èrò yìí pamọ́ sí. Ohun tó ṣàlàyé dáadáa ni ìnáwó tó yí fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí epo bá wọ́n fún gbogbo àwọn tó ń ṣe ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí bí ìjọba bá gbé owó-orí lé ọṣẹ, oníléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ẹnì kejì òun náà ń jìyà. Ìdí tí yóò fi bẹ̀rù pé wọn kò ní tẹ̀ lé òun ti lọ, igun fúnra rẹ̀ yóò sì ṣí kúrò. Yàtọ̀ sí èyí, èrò náà kò sọ bí iye 10,000 ṣe débẹ̀ rárá. Ó kàn bá a nílẹ̀ ni.

Ní ọdún 1947, George Stigler gbé èrò náà wò nínú àwọn ọjà bíi sìgá, irin àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé àwọn abánidíje máa ń tẹ̀ lé àfikún iye léraléra. Ọ̀rọ̀ sìgá lágbára jù lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1931, nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀ tí owó ewé tábà sì ti wálẹ̀ gan-an, iléeṣẹ́ Reynolds gbé iye Camel láti 6.40 dọ́là sí 6.85 fún ẹgbẹ̀rún kan sìgá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá méjì yòókù gbé tiwọn dé iye kan náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láàárín àwọn mẹ́ta yìí, kò sí igun kankan. Àwọn tí kò tẹ̀ lé wọn ni àwọn tí ń ta sìgá olówó pọ́ọ́kú, 10 sẹ́ǹtì fún páálí kékeré kan, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí abánidíje nígbà náà. Nígbà tí ọdún 1932 fi ń parí lọ, wọ́n ti gba ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún ọjà náà lọ. Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1933, àwọn ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já iye wọn sí 6.00, lẹ́yìn náà sí 5.50 dọ́là.